Pọ́lísì ojú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí àwọn àtijọ́, kò ṣiṣẹ́ lórí àwọn tuntun

Àkànjí: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe pọ́lísì kan, ìyẹn GPO, òfin tí Windows ń gbà lórí sáfà, fún àwọn òṣìṣẹ́ akáùńtì wa: bí èèyàn ò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún 600 sẹ́kọ́ńdì, kí ojú rẹ̀ tì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn àtijọ́, àwọn tuntun ò dá a lóhùn. Ẹnì kan náà ló sì ń wọlé sórí méjèèjì. Kí ló fà á?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Tẹ `gpupdate /force`, kí o pa á, kí o tún un tàn. Ó parí.

Àkànjí: Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Bákan náà ló wà.

Sísì Ẹ̀rọ: Ẹ jẹ́ ká yéé méfò. Kí òṣìṣẹ́ náà wọlé sórí ọ̀kan nínú àwọn tuntun, kó tẹ èyí:

```
gpresult /scope user /h %TEMP%\iroyin.html
```

Ṣí fáìlì náà, wá `Denied GPOs`. Ìdí tí wọ́n fi kọ pọ́lísì rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bàbá Ràṣídì: WMI ni, àyẹ̀wò tó ń yan kọ̀ǹpútà tí pọ́lísì máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Tiwa sọ pé `False WMI Filter`. Ẹni tó kọ ọ́ ní kó wá `6.1`, Windows 7 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Windows 10 la rà.

Àkànjí: Mi ò fi WMI sí i, sà. Ohun tí mo rí ni `Inaccessible`.

Sísì Ẹ̀rọ: O yọ `Authenticated Users`, ẹgbẹ́ tó kó gbogbo òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà pọ̀, kúrò lára pọ́lísì náà, àbí?

Àkànjí: Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí. Ẹgbẹ́ àwọn akáùńtì ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wọn náà ní `Read`, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn tuntun ò sí nínú rẹ̀.

Sísì Ẹ̀rọ: Ibẹ̀ gan-an ni. Láti ìgbà àtúnṣe MS16-072, ní oṣù kẹfà 2016, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń lọ gba pọ́lísì òṣìṣẹ́ wá lórí sáfà. Bí kọ̀ǹpútà ò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ nìkan ò tó. Lọ sí `Delegation`, fi `Domain Computers` sí i, `Read` nìkan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí ló dé tí kò kàn ní fi àwọn tuntun sínú ẹgbẹ́ yẹn? Mi ò fẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ máa ka pọ́lísì akáùńtì.

Sísì Ẹ̀rọ: Ìyẹn náà á ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni pípa-tàn tẹ́ ẹ sọ ti wúlò, torí kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ pé òun ti wọ ẹgbẹ́ títí wọn á fi tún un tàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ra òmíràn lọ́la, tí wọ́n gbàgbé, a tún padà síbí. Kíkà lásán ò sọ pé kó ṣiṣẹ́ lára wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó wà nínú pọ́lísì míì kì í ṣe fún gbogbo ojú.

Àkànjí: `Domain Computers` ni mo lò. Gbogbo wọn ti ń tì, àyàfi ọ̀kan. Lórí ìyẹn, pọ́lísì mi ti wà nínú `Applied GPOs`, àmọ́ 900 ni ìròyìn kọ, orúkọ pọ́lísì mìíràn ló sì wà ní `Winning GPO`.

Sísì Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ṣé OU kan náà, ìyẹn àpò tí a ń kó kọ̀ǹpútà sí lórí sáfà, ni òun àtàwọn yòókù wà? Wò ó bóyá wọ́n tan loopback níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí pọ́lísì OU kọ̀ǹpútà mú ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sórí rẹ̀.