Mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́: ta ni Windows kò mọ̀ mọ́?

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ ìwé fún oníbàárà jó. Wọ́n fi tuntun sí i, mo sì dá háàdì dísìkì àtijọ́ padà sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Windows 11 Pro ti ń sọ pé òun kò gbàṣẹ, nọ́ḿbà tó ń gbé jáde ni 0xC004F00F. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn?

Bàbá Ìbejì: Ẹ fọkàn balẹ̀. Inú háàdì dísìkì ni àṣẹ náà wà, ẹ kò sì pààrọ̀ ìyẹn. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ System, lẹ́yìn náà Activation, kí ẹ tẹ Troubleshoot. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí «I changed hardware on this device recently». Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan kọ̀ǹpútà yín nínú àwọn tó bá jáde, ọ̀rọ̀ parí. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Bàbá Ìbejì, ọ̀nà tí ẹ júwe yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti so àṣẹ rẹ̀ mọ́ àkáǹtì Microsoft kí mọ́dábọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí a kò bá so ó ṣáájú, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní sí nínú orúkọ tí yóò jáde. Ti pé inú háàdì dísìkì ni àṣẹ wà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí Windows bá gbàṣẹ, ó máa ń wo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, yóò sì fi wọ́n ṣe àmì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi ráàmù kún un, tàbí tí ẹ pààrọ̀ dísìkì nìkan, àmì náà kò sábà yí padà débi tí yóò fi kọ̀ yín. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló wúwo jù nínú gbogbo wọn. Bó bá ti yí padà, ojú kọ̀ǹpútà mìíràn ni Windows fi ń wò ó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àpótí kan náà ni, tábìlì kan náà ló sì wà.

Ohun tí 0xC004F00F ń sọ nìyẹn gan-an: àyípadà ara kọ̀ǹpútà ti kọjá ohun tí òun lè fara mọ́. Kò sọ pé kọ́kọ́rọ́ burú. Àbúrò, irú kọ́kọ́rọ́ tí ẹ rà la kò tíì mọ̀. Ẹ wá Command Prompt, ẹ yan «Run as administrator», kí ẹ sì tẹ èyí:

```
slmgr /dlv
```

Ẹ ka ìlà tí wọ́n pè ní «Product Key Channel» fún wa. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Activate lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sọ nọ́ḿbà tó bá gbé jáde.

Aránṣọ Abẹ́òkúta: Ẹ jọ̀wọ́, irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, àmọ́ n kò pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù kankan. Mo ní sọ́fíwia tí a fi ń ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́kọ́ ṣe fáìlì ìbéèrè kan, mo fi fíláàṣì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é, wọ́n dá fáìlì àṣẹ padà, mo sì gbé e wọlé. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní òun kò mọ kọ̀ǹpútà náà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo yọ ni wáìfáì kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ọmọ mi fẹ́ lò.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ìyá mi, ẹ dá wáìfáì kékeré náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn sọ́fíwia bẹ́ẹ̀ máa ń ka nọ́ḿbà tí wọ́n kọ mọ́ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wáìfáì kékeré náà sì ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Ó jọ pé òun ni wọ́n kà lọ́jọ́ tí ẹ ṣe fáìlì ìbéèrè.

Aránṣọ Abẹ́òkúta: Mo ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì ti dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ṣí! Kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Mo ti ṣe é. «Volume:MAK» ni mo rí nínú ìlà náà. Nígbà tí mo tẹ Activate, nọ́ḿbà yí padà sí 0xC004C020. Ẹ̀gbọ́n, ṣé n kò lè gba ọ̀nà tí kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì bíi ti màmá yìí?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ọ̀nà náà wà. Bí ẹ bá tẹ `slmgr /dti`, yóò fún yín ní nọ́ḿbà gígùn kan. Ẹ ó fi í ránṣẹ́ sí Microsoft láti orí fóònù, wọn yóò dá òmíràn padà, ẹ ó sì tẹ ìyẹn sẹ́yìn `slmgr /atp`. Ìdáhùn náà wà fún kọ̀ǹpútà tó béèrè nìkan. Bí ẹ bá tún pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí ẹ ti gba nọ́ḿbà àkọ́kọ́, kò ní bá a mu mọ́.

Àmọ́ àìsí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń bá yín jà. Kọ́kọ́rọ́ MAK jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé tó ní kọ̀ǹpútà púpọ̀. Wọ́n fún un ní iye ìgbà tó lè gbàṣẹ, ìgbàkigbà tí ara kọ̀ǹpútà bá sì yí padà débi tí ó fi ní láti tún àṣẹ gbà, ìgbà kan ti lọ nínú iye náà nìyẹn. 0xC004C020 ń sọ pé iye náà ti tán. Ilé iṣẹ́ tó ni kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè béèrè pé kí wọ́n fi kún un, ẹ̀yin kọ́. Ẹni tó tà á fún yín ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Akọ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́: Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ọmọ yìí sanwó, kò jalè. Ká tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tó bá lápútọ́ọ̀pù wá láti ilé iṣẹ́ ni, ẹ ó tún sọ pé ó ti kú pẹ̀lú mọ́dábọ́ọ̀dù.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. «OEM_DM» ni èyíinì máa ń jẹ́, inú mọ́dábọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá bàjẹ́, tí a sì fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò, tàbí èyí tí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà yàn dípò rẹ̀, òfin Microsoft kò ní ká ra àṣẹ mìíràn.

Akọ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́: Ta ló ń rí irú rẹ̀ gan-an rà? Mọ́dábọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ là ń lò níbí, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ ti Home, tí Pro sì wà lórí dísìkì mi, ta ni kí n bá ṣẹjọ́?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Kò ní gbà, lóòótọ́, àyàfi tí ẹ bá fi Home sórí rẹ̀. Bóyá ó tọ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tún nǹkan ṣe dípò kó ra tuntun, èmi náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tọ́.

Bàbá Ìbejì: Mo wo tèmi báyìí. «Retail» ló kọ. Ìdí nìyẹn tó fi gbà fún mi.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Retail ṣeé gbé láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, bí kò bá ti sí lórí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Irú rẹ̀ ni kí Ọmọ Ìsẹ́yìn rà, kí ó sì so ó mọ́ àkáǹtì lọ́jọ́ tó bá ti gbà. Fáìlì àwọn oníbàárà kò ní sọnù títí di ìgbà náà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Mo ti pe ẹni tó tà á. Ó ní kí n mú rìsíìtì wá lọ́la. Mo ti ya àwòrán ibi tó kọ «Volume:MAK», òun ni màá kọ́kọ́ fi hàn án.