Ẹ Fi Máàkì Sílẹ̀ Ná, Ẹ Ka Ohun Tí Ọmọ Kọ

Èrò ọkàn mi ni pé ìwé ìdánrawò kan ṣoṣo tí ọmọ ti ṣe tán tó láti fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀ nínú ìṣirò, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá lè gbàgbé máàkì fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì ka ìdáhùn tí ọmọ náà kọ gan-an. Máàkì 4 nínú 12 ń sọ fún wa pé iṣẹ́ kò lọ dáadáa, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tìtorí rẹ̀ gbé ìbéèrè 12 mìíràn irú kan náà fún ọmọ, àṣìṣe kan náà ni yóò tún fi dánra wò títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ìwé kan tí mo yẹ̀ wò ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Iṣẹ́ ìyọkúrò ni, irú èyí tí a ń to ẹyọ sábẹ́ ẹyọ, tí a ń to ẹ̀wá sábẹ́ ẹ̀wá. Mẹ́rin ni ọmọ náà gbà: 48 − 25, 67 − 34, 59 − 7 àti 275 − 142. Àwọn tó gbà yìí ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí àwọn ló ń fi ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé hàn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ibi tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti ju ti òkè lọ, nítorí náà kò sí ìdí láti yá ẹ̀wá. Ọmọ yìí mọ ìyọkúrò, ó sì mọ bí a ṣe ń tò ó; ibi tí yíyá ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà ti dí.

Mo wá bọ́ sórí àwọn tó kùnà. Ó kọ 52 − 37 = 25, ó kọ 81 − 46 = 45, ó kọ 73 − 28 = 55, ó sì kọ 64 − 9 = 65. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò wo mẹ́rin yìí, wọn yóò sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ó yá ẹ̀wá, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti dín ẹ̀wá kan kù ní òpó kejì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àṣìṣe mìíràn wà tó lè bí ìdáhùn kan náà gẹ́lẹ́: kí ọmọ má yá rárá, kí ó kàn yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, ibi yòówù tí wọn ìbáà wà. Ẹ wo 52 − 37. Ẹni tó yá tó sì gbàgbé yóò yọ 7 kúrò nínú 12, yóò kù 5. Ẹni tó dojú rẹ̀ délẹ̀ yóò yọ 2 kúrò nínú 7, 5 náà ni yóò kù. Ọ̀rọ̀ kan náà ló rí nínú mẹ́ta yòókù, nítorí nínú gbogbo wọn, 5 ni ẹyọ ìsàlẹ̀ fi ju ti òkè lọ. Ẹni tó ṣe ìwé náà lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè mẹ́rin òun kò lè ya àwọn àṣìṣe méjì yìí sọ́tọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ló lè yà wọ́n. Nínú 60 − 24, ẹni tó yá tó sì gbàgbé yóò kọ 46, ẹni tó ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá yóò kọ 44. Ọmọ náà kọ 44. Nínú 346 − 128, 228 ni ìdáhùn ẹni tó gbàgbé, 222 ni ti ẹni kejì. Ó kọ 222. Nínú 403 − 178, ó kọ 375, èyí tó jẹ́ ìyọkúrò kékeré kúrò nínú ńlá ní òpó kọ̀ọ̀kan láìsí àníàní. Ìgbà náà ni mo tó gbà pé mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ yìí kò gbàgbé ohunkóhun; òfin kan ló ní lọ́wọ́, ó sì ń pa á mọ́ tọkàntọkàn. John Seely Brown àti Richard Burton ti kọ nípa irú àṣìṣe tó ní òfin báyìí ní 1978, pàápàá nínú ìyọkúrò, yíyọ kékeré kúrò nínú ńlá sì wà lára wọn.

Mo ṣì pe ọmọ náà jókòó, nítorí ìwé kì í sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kí ó ṣe 71 − 48 lójú mi, kí ó máa sọ ohun tó ń ṣe. Ó ní, "Mà, 1 kò lè gbé 8, torí náà mo yọ 1 kúrò nínú 8." Ó kọ 37. Bó bá jẹ́ pé ó yá tó gbàgbé ni, 33 ni ìbá kọ. Ó ku ìbéèrè kan tí n kò tíì mẹ́nu bà, 98 − 53, tó kọ 44 sí. Kò bá àwọn tó kù mu, nígbà tí mo sì bi í léèrè lẹ́nu, ó dáhùn 45 lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe ọwọ́ lásán ni. N kò yan ẹ̀kọ́ kankan nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí mo yàn wá tẹ̀lé ara wọn. Èkíní kò ní ìyọkúrò nínú rárá: kí ó máa tú ìdì ẹ̀wá kan sí ẹyọ 10. A di igi ìṣáná ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ó kó 52 jọ, ó tú ìdì kan, ó rí i pé ìdì 4 àti ẹyọ 12 ṣì jẹ́ 52. Lẹ́yìn náà ni kí ó máa kọ 63 ní 50 + 13 láìfọwọ́ kan igi. Ibí yìí ni mo máa ń pẹ́ sí jù, nítorí ọmọ tí kò gbà pé iye náà kò yí padà yóò ka yíyá sí idán, yóò sì padà sí òfin rẹ̀ tó ti mọ̀ bí igi bá ti kúrò nílẹ̀.

Èkejì ni ìyọkúrò oní-nọ́ńbà méjì tó nílò yíyá lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àfikún kan: kí ó ro ìdáhùn pọ̀ mọ́ èyí tó yọ. 25 pẹ̀lú 37 jẹ́ 62, kì í ṣe 52. Ọmọ tó kọ pé 64 − 9 jẹ́ 65 láìfura nílò àṣà yìí gidigidi.

Ẹ̀kẹta ni àdàlù, tí àwọn kan nílò yíyá tí àwọn kan kò nílò rẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ sọ "mo máa yá" tàbí "n kò ní yá" kí ó tó fi ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀dì. Bí a bá fò ó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yá níbi gbogbo, àní nínú 48 − 25 tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí léèrè pé kí ló dé tí 403 − 178 kò sí níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ló le jù. Odo ló wà ní òpó ẹ̀wá rẹ̀, nítorí náà a ní láti tú ọgọ́rùn-ún kan sí ẹ̀wá 10, kí a tó wá tú ọ̀kan nínú ẹ̀wá náà sí ẹyọ. Títú ẹ̀ẹ̀mejì ni, ọmọ yìí kò sì tíì mọ títú ẹ̀ẹ̀kan. Yóò dúró di ìgbà tí ìwé tó ń bọ̀ bá dé, ìwé tí èmi fúnra mi yóò ṣe, tí n kò sì ní fi ìbéèrè tí ẹyọ rẹ̀ fi 5 jura lọ sínú rẹ̀.