Èédú inú ọ̀dẹ̀dẹ̀

Bí òjò bá ti ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń gbé sítóòfù èédú kúrò ní àgbàlá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé èédú kì í rú èéfín bí igi, kì í sì í sọ ìdí ìkòkò di dúdú bíi kẹrosíìnì. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn gan-an. Èéfín igi máa ń ta ojú títí a ó fi ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní kábọ́nù mọnọ́sáìdì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ojú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, níbi tí ó ti ń gba ipò atẹ́gùn tó ń gbé ẹ̀mí ró. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé kan, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, tí ara sì tù wọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ síta, kí wọ́n má tètè pè é ní ibà. Èédú tí eérú ti bò pàápàá ṣì ń tú u jáde, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi í sí yàrá sùn.

A mọ̀ pé owó ni àwọn ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n gáàsì kílò 1 ń gbé ooru tí ó tó ti èédú bíi kílò 4 wọ inú ìkòkò. Kẹrosíìnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 2 ni yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, tàbí igi gbígbẹ kílò 10 sí 12 lórí àdìrò olókùúta mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ ooru rẹ̀ ń bá atẹ́gùn lọ. Bí ẹ̀wà ìdílé kan bá ń jẹ èédú kílò 1, ìdá mẹ́rin kílò gáàsì ni yóò sè é jinná. Kí ìyá ilé gbé ọ̀rá èédú tó ń rà sórí ìwọ̀n: bí owó kílò èédú 4 bá ju owó kílò gáàsì 1 lọ, èédú ló ń ná an lówó jù. Ìṣirò yìí kò kan ẹni tó ń ṣẹ́ igi lóko tirẹ̀, a kò sì ní kí àwọn tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó pa iná igi wọn lọ́la, nítorí abẹ́ àtíbàbà gbangba ni wọ́n ti ń dá a.

Owó sílíńdà àti sítóòfù tí a gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń lé àwọn ènìyàn padà sídìí èédú. Nítorí náà, à ń béèrè pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bá àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ṣe ètò sílíńdà kékeré, kílò 3 àti 5, tí a ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń dá èésú. Kí ẹni tó bá sì gbé e fún oníbàárà kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ pa ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ lójú rẹ̀, kí wọ́n jọ wò bóyá ó ń hó, nítorí gáàsì tó bá ń jò wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọra kó sí títí iná yóò fi kàn án.