Àtúnṣe lórí kíríátììnì

"Ẹ má lo kíríátììnì o! Wọ́n á bá a nínú ìtọ̀ yín, wọ́n á sì lé yín kúrò nínú ìdíje."

Ẹ̀gbọ́n, kíríátììnì, ìyẹ̀fun tí àwọn eléré ìdárayá ń lò fún agbára, kò sí nínú ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn amúnilágbára nínú eré ìdárayá, kà léèwọ̀. Inú ẹran àti ẹja la ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti fi po èròjà sítẹ́rọ́ìdì tó jẹ́ èèwọ̀, tí wọn kò fọ̀ ọ́ mọ́, ìyókù rẹ̀ á bá ìyẹ̀fun yín lọ, ara ike kò sì ní sọ. Láàárín 2000 sí 2001, yàrá àyẹ̀wò kan ní Kọ́lóòn, Jámánì, yẹ àfikún oúnjẹ 634 wò: 94 ló ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ tí wọn kò kọ sára rẹ̀. Ọrùn eléré ìdárayá ni ẹ̀bi sì máa ń wà, ì báà má mọ̀. Ẹ wá àmì Informed Sport, tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ ọjà náà wò fún èròjà tó jẹ́ èèwọ̀, kí ẹ yẹ nọ́ńbà ara ike gan-an wò lórí ìkànnì wọn. Ìyẹn dín ewu kù, kò pa á rẹ́.