Ẹgbẹ́ Bàtà Pupa, Báàgì Pupa

Ẹgbẹ́ kan wà tí kò ní alága, tí kò ní akọ̀wé, síbẹ̀ òfin rẹ̀ le ju ti bárékè lọ. Bí bàtà bá pupa, báàgì gbọ́dọ̀ pupa. Bẹ́líìtì ńkọ́? Pupa. Èékánná ńkọ́? Ẹ tún ń bèèrè! Mo ti rí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí férémù ìgò ojú rẹ̀ náà pupa. Mo kàn ń gbàdúrà pé kí wọ́n má pe panápaná sí i ni.

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn olóyè ẹgbẹ́ yìí. Ó ra gáùn olódòdó kan láìpẹ́ yìí. Ilẹ̀ aṣọ náà jẹ́ búlúù tó ṣú dẹ̀dẹ̀, òdòdó funfun fọ́n ká orí rẹ̀, àárín òdòdó kọ̀ọ̀kan sì ní àmì pupa kan tí kò ju orí ìṣáná lọ. Nínú gbogbo ohun tó wà lára aṣọ yìí, orí ìṣáná yẹn ló rí. Ó ra bàtà pupa tó ń dán bí dígí, ó gbé e dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ó gbé e ti báàgì pupa kan lábẹ́ gílóòbù, ló bá pariwo sí mi létí lórí fóònù: "Àǹtí mi, ìbejì ni wọ́n!"

Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, ìbejì kọra wọn sílẹ̀. Bàtà ń fà sí àwọ̀ ọsàn, báàgì ń fà sí elésè àlùkò. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Aró tí wọ́n fi pa awọ bàtà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi pa ti báàgì, aró méjì sì lè fohùn ṣọ̀kan lábẹ́ iná kan kí wọ́n máa jà lábẹ́ òmíràn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, báàgì náà jẹ́ awọ múlọ́múlọ́ tí kì í dán, bàtà sì ń kọ mànà. Bí a bá tilẹ̀ rì wọ́n sínú aró kan náà, wọn ò ní jọra lójú. Nídìí èyí, ẹnu fèrèsé lójúmọmọ ni mo ti ń wo àwọ̀. Ibẹ̀ náà ni mo gbé báàgì lé orí gáùn: ó bá orí ìṣáná yẹn mu rẹ́gí. Bàtà ló ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìyàtọ̀ díẹ̀ ló sì burú jù. Bí bàtà àti báàgì bá jìnnà síra, aráyé á ní o mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, wọ́n á ní o gbìyànjú, kò bọ́ sí i.

"Ṣé kí n wá wá pupa mìíràn?" Mo ní kó kọ́kọ́ wọ gbogbo rẹ̀, kó dúró níwájú dígí, kó di ojú ku díẹ̀. Ohun tó bá ṣì ń tàn nígbà tí a bá dijú bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ bá. Ó wò ó: ọwọ́, ẹsẹ̀, ọwọ́, ẹsẹ̀, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù tẹníìsì. Gáùn ti sá lọ, ojú tó fi wákàtí kan kùn ti bá a lọ. Àmì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lára aṣọ, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó gbé e jáde. Báàgì ti tó.

Ó wá sáré mú bàtà dúdú. Mo ní rárá. Dúdú lábẹ́ búlúù tó ṣú tó báyẹn, ńṣe ló máa dà bí ẹni múra nínú òkùnkùn, tó rò pé àwọ̀ kan náà ni. Èyí tí mo fẹ́ ni bàtà tó bá àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, torí irú bàtà bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹsẹ̀ gé, kì í sì bá aṣọ du ojú ẹnikẹ́ni. Ó lọ béèrè "àwọ̀ ara" ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé bàtà kan fún un tó funfun bí àtíkè, bí ẹni pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń lò. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì la padà fà yọ. Ó wọ̀ ọ́, ó gbé báàgì pupa kọ́ èjìká, mo sì rí àwọn orí ìṣáná yẹn lára gáùn fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti wọ aṣọ náà.

Bàtà pupa ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Lánàá ló bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gáùn tó máa bá a mu.