Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn: ẹ̀gbọ́n ńkọ́?

"Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun." Oníwàhálà la máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyá, ìkókó àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti jọ ń sùn ní yàrá kan, òwe náà kì í mú ìkókó. Bó bá ké mọ́jú, á sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ni yóò máa tòògbé ní kíláàsì.

Ká ní ọmọ ọdún 7 ni, ní Adó-Èkìtì, tó ń jí ní agogo 6 àárọ̀. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, nítorí náà agogo 8 alẹ́ ló yẹ kó ti sùn. Ilé tó jẹ́ pé agogo 9 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnyán, kí wọ́n má tíì di ẹ̀bi ru ìkókó o.

Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun ọmọdé máa ń wọra jù. Ẹkún agogo 10 lè má jí i rárá. Ìdájí, bí agogo 4 sí 5, ni kí ìyá ṣọ́, torí oorun ti fẹ́lẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n nígbà yẹn.

Ọmọ oṣù 2 lè fẹ́ ọmú ní wákàtí 2 sí 3 síra wọn. Kó tó ké, á ti máa yí orí kiri, á máa lá ètè, á ki ọwọ́ bẹnu. Ìyá tó wà nítòsí lè fún un lọ́mú kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bó bá kàn ń kùn, tó ń na ara, tí ojú rẹ̀ sì wà ní dídì, ẹ dúró díẹ̀: oorun ló ṣì ń sùn, ẹni tó bá sáré gbé e ló jí i.

Kí ìyá wà láàárín àwọn méjèèjì. Kí ìkókó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn tirẹ̀ tó le, tí kò sí ìrọ̀rí níbẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tìmùtìmù kan náà, torí ọmọdé tó ń sùn lè fi apá dí i nímú láìmọ̀. Kó ìlédìí méjì, àkísà rírin àti tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú abọ́ kan ní ìgbèrí, kó má di pé à ń tan gílóòbù.

Ohun tó ń ba oorun ẹ̀gbọ́n jẹ́ ju ẹkún lọ ni iṣẹ́ tí à ń rán an lóru: "Dìde, bá mi mú ìlédìí wá." Ẹkún lè jí i kó tún sùn padà ní kíá, àmọ́ bó bá ti dìde rìn, ojú ti dá. Bó bá ta jí fúnra rẹ̀, ẹ rọra sọ pé, "Àbúrò rẹ ń mu ọmú ni, sùn," ẹ má bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ tí oorun kò tó kì í fìgbà gbogbo tòògbé. Òmíì kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, á máa torí ọ̀rọ̀ kékeré bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ bá rí èyí, ẹ tẹ́ ẹ sùn ní agogo 7:30 lálẹ́ ọjọ́ náà.