Ṣáwà òjò ń ro tó, tó, tó

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú: Ẹ jọ̀ọ́ o. Mo ra ṣáwà òjò tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, torí irú rẹ̀ tí mo fi wẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Erékùṣù. Nílé mi, àárín nìkan ló ti ń ro tó, tó, tó. Orí ilé ni tánkì wà. Ṣé olóróbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú ni kí n fi pààrọ̀ ẹ̀, àbí èyí tí kì í jẹ omi?

Ọmọ Yábàá: Ó kéré ni. Ẹ ra èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi á pọ̀.

Plọ́mbà Múṣin: Àbúrò, ṣáwà kì í bí omi. Ìyá Ìbejì, ẹ gbé garawa lítà 10 sábẹ́ ẹ̀, ẹ ṣí i tán, kí ẹ wo aago.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta: Ẹ yẹ hítà yẹn wò. Wáyà tèmi ló jó.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, omi tútù ni mo ń wẹ̀ o. Plọ́mbà, ìṣẹ́jú 2 ló fi kún.

Plọ́mbà Múṣin: Lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ó tó wẹ̀, àmọ́ ihò tó lé ní 100 lẹ ní kó pín in. Kí ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bí tánkì bá ṣe ga sí lomi ẹ̀ ṣe ń lágbára sí. Tí ojú omi inú ẹ̀ bá fi mítà 2 ga ju ṣáwà lọ, bíi 0.2 báà péré ni agbára omi yín. Ti òtẹ́ẹ̀lì, pọ́ọ̀ǹpù ló ń tì í. Ẹ ra olóróbà tí ojú ẹ̀ kéré, tí ihò ẹ̀ ò pọ̀. Omi á já bí okùn, á ṣan ọṣẹ kúrò lára. Tí ẹ bá gbé e sọ̀kalẹ̀ sí àyà, á tún le sí i.

Àǹtí Sùúrùlérè: Kí wọ́n kọ́kọ́ tú u wò ná. Omi bóhóòlù mi pọ́n. Ọjọ́ tí mo tú tèmi, ẹrẹ̀ pupa ló kún inú asẹ́ kékeré tó wà lọ́rùn ẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ra àwọn ihò ẹ̀, ó là.

Plọ́mbà Múṣin: Òótọ́ ni, àmọ́ tí ihò bá dí, omi á máa ta sápá ọ̀tún, sápá òsì. Tiwọn ń ro láàárín; tí asẹ́ ò bá dí, agbára ni ò sí.

Ọmọ Yábàá: Èyí tí kì í jẹ omi ńkọ́?

Plọ́mbà Múṣin: Rọ́bà olójú kékeré kan ló wà lọ́rùn ẹ̀ tó ń dí omi kù. Ibi tí omi ti ń tú yàà ló wúlò fún. Lítà 5 lẹ tún fẹ́ dí?

Àǹtí Sùúrùlérè: Mi ò gbà. Èmi tí mo ń ra omi tánkà kún ti bóhóòlù, mo mọ̀ pé tánkì mi ń pẹ́ sí i látìgbà tí mo ti ń lò ó.

Plọ́mbà Múṣin: Ẹ fi garawa wọn tiyín náà, kí ẹ tú rọ́bà ẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un wọ̀n, ká gbọ́.

Àǹtí Sùúrùlérè: Kí Nẹ́pà mú iná wá ná. Tánkì ti gbẹ látàná.